Àbọ̀ lórí fídíò kan tó lọ sójú méjì

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyí: "Fídíò kan náà ni mo gbé sí TikTok àti YouTube Shorts. Ibo ló ti ṣe dáadáa jù?"

Shorts ni o. Ní ọjọ́ keje, TikTok ka ìwòran 12,000, Shorts 3,000. Àmọ́ òǹkà àárín fídíò mẹ́wàá tó ṣáájú jẹ́ 10,000 lórí TikTok, 1,000 lórí Shorts. Ẹ fi òǹkà àárín pín ti ọjọ́ keje: TikTok 1.2, Shorts 3.

Nínú àwọn tó fèsì, ẹni tó ní ká fi iye ọmọlẹ́yìn pín in fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n àwọn tí kò tẹ̀lé wa ló pọ̀ jù nínú òǹwòran. Ọ̀gá tó tọ́ka sí "Engaged views", ìyẹn iye ìwòran tí wọn kò kàn fò kọjá, ṣeun: láti ìparí oṣù Kẹta 2025, Shorts ń ka fídíò ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀, kódà bí wọ́n bá fò ó. Bóyá wákàtí tí a gbé fídíò náà síta ló mú kí Shorts borí, n ò tíì mọ̀.