Lẹ́ńsì méjì tó fara kanra: kí la ó pe ìjìnnà tí wọ́n jọ ní?

Tíṣà Físíìsì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Nóòtì físíìsì ni mò ń kọ ní Yorùbá fáwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń gbé lẹ́ńsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì lé ara wọn. Ibi tí lẹ́ńsì ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí, "ojú ìpàdé" ni mo pè é, bó ṣe jìnnà sí lẹ́ńsì sì ni "ìjìnnà ìpàdé". Ti méjèèjì pa pọ̀ wá ńkọ́? Mo kọ "àpapọ̀ ìjìnnà ìpàdé" àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Atúmọ̀: Ẹ pa "àpapọ̀" yẹn rẹ́ kíákíá, Tíṣà. Ọmọ tó bá ti gbọ́ àpapọ̀, ìròpọ̀ ló máa ṣe. Ẹ fún un ní lẹ́ńsì oníkùn méjì, kí ìjìnnà ìpàdé ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà, 40 ló máa kọ síbẹ̀ tí á tún fi yangàn, bẹ́ẹ̀ 10 ni. Lẹ́ńsì àkọ́kọ́ ti tẹ ìmọ́lẹ̀ wálé, èkejì tún tẹ̀ ẹ́ sí i, báwo ló ṣe máa wá lọ pàdé lọ́nà jíjìn? Tẹ́ ẹ bá ti gbé méjì léra, ìjìnnà yẹn á máa kúrú ni. Èmi á pè é ní "ìjìnnà ìpàdé gidi".

Tíṣà Físíìsì: Gidi kẹ̀? Ṣé ti ìkọ̀ọ̀kan wọn wá jẹ́ ayédèrú ni? Àti pé mo ti lo "àwòrán gidi" lójú ìwé tó ṣáájú fún àwòrán téèyàn lè gbà sórí pépà, àwọn ọmọ yẹn á kàn pò ó pọ̀ mọ́ra ni.

Màmá Ṣadé: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé irú gíláàsì mi lẹ̀ ń sọ? Tèmi náà ní méjì nínú ẹyọ kan, òkè ni mo fi ń wo títì, ìsàlẹ̀ ni mo fi ń ka Bíbélì, tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ló máa ń fẹ́ gbé mi ṣubú.

Atúmọ̀: Rárá Màmá, tiyín yàtọ̀. Ọ̀kan wà lókè, ìkejì wà nísàlẹ̀, wọn ò lé ara wọn.

Dókítà Ojú: Bọ̀dá Atúmọ̀, ẹ dákun, Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sọ́rọ̀ o. Màmá, ẹ wo káàdì tí wọ́n fún yín níbi tẹ́ ẹ ti ṣe gíláàsì, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ `ADD` síbẹ̀. Ká ní òkè jẹ́ `-1.00`, kí wọ́n wá kọ `ADD +2.00`, kì í ṣe `+2.00` ló wà nísàlẹ̀ yẹn o, `+1.00` ni, torí wọ́n ro tìsàlẹ̀ mọ́ tòkè ni. Ìsàlẹ̀ yẹn dà bíi lẹ́ńsì kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ńlá. Ti àtẹ̀gùn yẹn, ibi ìkàwé lẹ fi ń wo ẹsẹ̀ yín ló fà á, ẹ máa tẹ orí ba kẹ́ ẹ lè fi òkè wò ó.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ Tíṣà dé. Ohun téèyàn lè rò pọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìjìnnà, bí lẹ́ńsì ṣe lè tẹ ìmọ́lẹ̀ tó ni. Ẹ sọ ìjìnnà yẹn di mítà kẹ́ ẹ fi pín 1, ohun tó bá jáde ni dáyọ́pítà, dókítà ojú ará Faransé kan, Monoyer, ló dá a lábàá lọ́dún 1872. Lẹ́ńsì 20 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ dáyọ́pítà 5. Márùn-ún àti márùn-ún, dáyọ́pítà mẹ́wàá, ẹ wá fi mẹ́wàá yẹn pín mítà 1, ìyẹn ló ṣe di 10 sẹ̀ǹtímítà. Ohun kan náà tí ìwé ń kọ báyìí ni:

```
1/F = 1/f1 + 1/f2
```

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, pé ó máa ń kúrú ṣáá yẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹ gbé lẹ́ńsì oníkùn dáyọ́pítà 5 yẹn, kẹ́ ẹ fi oníkòtò tó jẹ́ `-2.00` lé e, ó ku 3, ìjìnnà ti lọ sí nǹkan bíi 33 sẹ̀ǹtímítà, ó gùn ju 20 tá a ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ wá fi `-5.00` lé `+5.00`, gbogbo ẹ̀ á pa ara wọn rẹ́, á dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ń wo gíláàsì fèrèsé. Bá a ṣe ń mọ nọ́ńbà gíláàsì tí kò ní káàdì nìyẹn: à ń wá lẹ́ńsì tó máa pa á rẹ́, tá a bá mi méjèèjì pọ̀ tí ohun tá à ń wò ò sì mì mọ́, a ti rí i.

Tèmi, ẹ pè é ní "ìjìnnà arọ́pò". Ìjìnnà tí lẹ́ńsì ẹyọ kan ṣoṣo máa ní tó bá fẹ́ rọ́pò méjèèjì, kò ju ìyẹn lọ.

Atúmọ̀: Mo gbà nípa ti oníkòtò, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n arọ́pò ti níṣẹ́ nínú gírámà, ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ, ṣé ẹ ti gbàgbé?

Tíṣà Físíìsì: Iṣẹ́ kan náà kọ́ ló ń ṣe níbẹ̀? Ohun kan ló dúró fún òmíràn. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Wàhálà mi ni orúkọ ohun tá à ń rò pọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kọ "agbára lẹ́ńsì" ṣùgbọ́n agbára ni mo ti pe tiná mànàmáná, tẹ́ńjìnnì náà sì wà ńbẹ̀.

Dókítà Ojú: Páwà la máa ń pè é níbi iṣẹ́, àwọn aláìsàn náà páwà ni wọ́n ń sọ.

Atúmọ̀: Páwà kọ́. "Ìtẹ̀sí"? "Okun"?

Ọmọ Láàbù: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, Tíṣà, kí lẹ kọ fún pé wọ́n kanra? Torí mo rí "lẹ́ńsì méjì tó lẹ̀ mọ́ra" nínú nóòtì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kò sì dára. Lẹ́ńsì oníkùn méjì, àárín nìkan ni wọ́n ti ń kanra, àyè wà létí yíká. Ohun tó bá wà nínú àyè yẹn ṣe pàtàkì. Nígbà témi wà nílé ìwé, a gbé méjì lé dígí pẹrẹsẹ, ìkọ̀ọ̀kan 20, a na píìnì sórí wọn, à ń gbé e lọ sókè sódò títí píìnì àti àwòrán ẹ̀ fi pàdé tí wọn ò sì ya ara wọn mọ́ béèyàn bá ju orí sọ́tùn-ún sósì. Àwọn tó kù rí 10, èmi àti èkejì mi rí 15. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, 15. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa pé a fọ lẹ́ńsì, a ò nù ún gbẹ, omi ti wọ àárín wọn.

Dókítà Ojú: Ha! Omi yẹn ti di lẹ́ńsì kẹta nìyẹn, oníkòtò sì ni, torí ikùn àwọn méjèèjì ló gbẹ́ ẹ síhà méjì. Tí lẹ́ńsì yín bá jẹ́ gíláàsì lásán tí ikùn méjèèjì rí bákan náà, omi náà á jẹ́ nǹkan bíi `-3.3`. Ẹ yọ ọ́ nínú 10, ó ku 6.7. Ìyẹn ni 15 yín yẹn gẹ́lẹ́.

Ọmọ Láàbù: Ẹ ṣé, sà. Ọdún yẹn wọ́n fún wa ní òdo. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ "fara kanra" nìyẹn o, kẹ́ ẹ fi "lẹ̀ mọ́ra" sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

Tíṣà Físíìsì: Mo ti yí i padà. "Ìjìnnà arọ́pò lẹ́ńsì méjì tó fara kanra." Mo sì fi kún un pé kí wọ́n nù ún gbẹ.

Màmá Ṣadé: Mo rí `ADD` náà, `+2.50` ló wà níbẹ̀. Òkè jẹ́ `+0.50`. Ṣé mẹ́ta ni ìsàlẹ̀ mi nìyẹn?

Dókítà Ojú: Mẹ́ta ni, Màmá.

Atúmọ̀: A ò tíì parí ọ̀rọ̀ páwà yìí o. Mi ò gbà á.