Síìtì tó ń fa iye owó ìpín wá fúnra rẹ̀: báwo la ṣe ń mọ̀ pé iye tó kọ tọ̀nà?

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ohun mẹ́ta péré ló wà nínú àkáǹtì ìdókòwò mi: ìpín Vodafone 200, ìpín 3 nínú àpò alápapọ̀ Vanguard tí wọ́n ń pè ní VUSA, àti ìpín Apple 2. Alaalẹ́ ni mo ń wo áàpù, tí mo sì ń da iye owó wọn kọ sínú Google Sheets. Nígbà tí mo gbọ́ pé síìtì náà lè máa fa iye wọ̀nyí wá fúnra rẹ̀, mo dán an wò, ó sì kọ ọ́ pé Vodafone mi nìkan tó 16,000 pọ́n-ùn. Owó tí mo fi rà á kò ju 150 pọ́n-ùn lọ. Níbo ni iye yìí ti wá?

Ọmọ Ọ̀yọ́, Líìdì

Pẹ́ńsì ni wọ́n fi ń kọ iye ìpín ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù, mà, kì í ṣe pọ́n-ùn. Bí ẹ bá rí 80, 80 pẹ́ńsì ni. Ẹ ṣáà máa fi 100 pín gbogbo ohun tí àmì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LON, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bàbá Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Òótọ́ ni àbúrò wa sọ nípa Vodafone, ṣùgbọ́n bí Ìyá Ìbejì bá fi 100 pín gbogbo ohun tó wà ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù, VUSA ni yóò bàjẹ́. Ọjà kan náà ni wọ́n ti ń tà á, àmọ́ pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń kọ iye tirẹ̀. Ká sọ pé ìpín kan jẹ́ 85 pọ́n-ùn: mẹ́ta yóò jẹ́ 255 pọ́n-ùn. Ẹ fi 100 pín in, 2.55 pọ́n-ùn ni yóò kù. Àṣìṣe yìí sì burú ju ti 16,000 lọ, nítorí pé iye tó pọ̀ jù máa ń ta ènìyàn jí, nígbà tí èyí tó kéré lè fara pamọ́ sínú àròpọ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo jẹ́ kí síìtì fúnra rẹ̀ sọ irú owó tí wọ́n fi kọ iye náà. Ẹ kọ àmì ìpín sí òpó A, báyìí: `LON:VOD`, `LON:VUSA`, `NASDAQ:AAPL`. Ẹ kọ iye ìpín tí ẹ ní sí òpó B. Lẹ́yìn náà ẹ kọ fọ́múlà mẹ́rin wọ̀nyí sí C2, D2, E2 àti F2, kí ẹ sì fà wọ́n sísàlẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn:

```
=GOOGLEFINANCE(A2,"price")
=GOOGLEFINANCE(A2,"currency")
=IF(D2="GBX",C2/100,IF(D2="GBP",C2,C2*GOOGLEFINANCE("CURRENCY:"&D2&"GBP")))
=B2*E2
```

Òpó D ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá kọ `GBX`, pẹ́ńsì ni. Bí ó bá kọ `GBP`, pọ́n-ùn ni. Bí ó bá sì kọ `USD`, òpó E yóò wá iye pàṣípààrọ̀ dọ́là, yóò sì sọ ọ́ di pọ́n-ùn. Ká sọ pé Vodafone jẹ́ 80 pẹ́ńsì, VUSA jẹ́ 85 pọ́n-ùn, Apple jẹ́ 200 dọ́là, tí dọ́là kan sì jẹ́ 0.75 pọ́n-ùn. Òpó F yóò kọ 160, 255 àti 300. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 715 pọ́n-ùn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yọ orúkọ ọjà kúrò níwájú àmì. Bí ẹ bá kọ `VOD` lásán, Google ni yóò bá yín yan ọjà, ó sì lè yan ti Nasdaq, níbi tí wọ́n ti ń ta Vodafone ní dọ́là, tí ìwé kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìpín 10. Iye tí yóò jáde yóò dà bí ohun tó bójú mu, kò sì ní jẹ́ ti yín.

Màmá Ẹ̀gbá, Bámíńgámù

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó di dandan kí n fún Google ní ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì ìdókòwò mi kí síìtì tó lè ṣe èyí? Ẹ̀rù ń bà mí.

Bàbá Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Rárá o, mà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Síìtì yìí kò mọ̀ pé ẹ ní àkáǹtì níbikíbi. Iye owó ọjà nìkan ló ń mú wá, iye ìpín tí ẹ bá sì kọ sí òpó B ni yóò fi ṣe ìsirò. Bí ẹ bá ta ìpín lónìí tí ẹ kò yí òpó B padà, yóò máa kà á mọ́ ohun ìní yín nìṣó.

Ẹ má sì fi iye inú rẹ̀ ṣòwò, nítorí pé ó lè fi ìṣẹ́jú 20 pẹ́ sẹ́yìn ọjà. Ní ti Apple, ọjà Nasdaq kì í ṣí títí di ọ̀sán wa níhìn-ín, nítorí náà iye tí ẹ ń rí láàárọ̀ jẹ́ èyí tí ọjà fi parí nígbà tó ṣí kẹ́yìn.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Líìdì

Ẹ ṣé, sà, mo gba ti VUSA. Nígbà mìíràn `#N/A` máa ń jáde nínú àpótí kan, àròpọ̀ náà á sì di `#N/A`. Mo máa ń fi `IFERROR` sọ ọ́ di 0 kí síìtì lè mọ́ tónítóní.

Bàbá Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Apple bá di 0, 715 pọ́n-ùn Ìyá Ìbejì yóò di 415, olùbẹ̀rẹ̀ yóò sì rò pé ọjà ló fọ́. Ẹ jẹ́ kí `#N/A` hàn kedere. Bí ó bá jẹ́ pé Google ni kò dáhùn, ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò bí ẹ bá dúró díẹ̀. Bí kò bá lọ títí di ọjọ́ kejì, ẹ yẹ àmì tó wà ní òpó A wò.

Ọmọ Èkìtì, Hústọ̀n

Ìpín tèmi wà ní Èkó: MTN Nigeria àti Seplat. Mo kọ `LON:SEPL` fún Seplat, ó sì mú iye wá. Ti MTN kọ̀ jálẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Fọ́múlà yìí kò mú iye wá láti ọjà Èkó. Seplat wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, bí Airtel Africa náà ṣe wà, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ rí iye kan. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ rí, kì í ṣe ohun tí alágbàtà yín yóò san ní Èkó. Ẹ fi ọwọ́ kọ iye náírà sí òpó C, ẹ kọ `NGN` sí òpó D, òpó E yóò sì bá yín ṣe ìyókù. Níwọ̀n bí ẹ ti wà ní Amẹ́ríkà, ẹ fi `USD` rọ́pò `GBP` nínú fọ́múlà òpó E, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rí iye náírà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Líìdì

`IMPORTHTML` lè fa táblì iye owó láti ojú ewé ìkànnì tó bá gbé e síta. Ó ń ṣiṣẹ́ fún mi.

Bàbá Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Yóò ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tún ojú ewé náà tò, tí òpó iye owó àná sì gba ipò ti òní. Lójú tèmi, títẹ̀ ẹ́ fúnra ẹni lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dára ju ìyẹn lọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Líìdì

Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní ìpín mẹ́wàá ní Èkó kò ní lè máa tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà

Òpó D tèmi ti kọ `GBX`, `GBP` àti `USD`, Vodafone sì ti padà sí iye tó yẹ. Mo fẹ́ fi owó tí mo fi rà wọ́n sí òpó G báyìí. Ní ti Apple, ṣé dọ́là ọjọ́ tí mo rà á ni kí n kọ ni, tàbí pọ́n-ùn tó jáde nínú àkáǹtì mi?

Bàbá Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Pọ́n-ùn tó jáde gan-an ni, mà, pẹ̀lú owó tí alágbàtà gbà lórí pàṣípààrọ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Líìdì

Èmi á kọ méjèèjì sí òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pọ́n-ùn nìkan, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá Apple ló gbéra ni, tàbí dọ́là?