Gírámà fún àkámọ́ tó bára mu: ibo ni kí n gé e?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ákùrẹ́. Gírámà mi nìyí:

```
S -> (S)S | ε
```

Mo ti fi hàn pé gbogbo ohun tó ń bí ló bára mu. Òdìkejì ló há mi lọ́fun, pé ó ń bí gbogbo èyí tó bára mu. Mo kọ́kọ́ yọ àkámọ́ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, àmọ́ `()()` já mi kulẹ̀: `)(` ló ṣẹ́ kù! Ní báyìí, mò ń ka ìṣí sí +1, ìpadé sí -1. Ibi tí àròpọ̀ ti kọ́kọ́ padà di 0 ni mo ti gé e, ó di `(u)v`. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé torí pé àròpọ̀ kò kan 0 kó tó débẹ̀ ni `u` fúnra rẹ̀ ṣe bára mu? `v` ńkọ́?