Ìbéèrè tébù àti gíráàfù: ibo lojú yín kọ́kọ́ ń bọ́ sí?

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa ti rí nínú ìbéèrè tébù àti gíráàfù, irú èyí tó wà nínú ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ àti nínú ìdánwò Ètò Ọrọ̀-Ajé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fo tébù kọjá, tí ojú wọn á lọ bà lé ìdáhùn A sí D. Wọ́n á wá padà sínú tébù láti wá nọ́ńbà tó jọ ọ̀kan nínú wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ ti mọ àṣìṣe tí èèyàn lè ṣe, àṣìṣe yẹn gan-an ló sì fi kọ àwọn ìdáhùn tí kò tọ́. Tí o bá ṣìṣe, wàá bá iye tó o rí níbẹ̀, ọkàn rẹ á sì balẹ̀.

Ẹ wo èyí tí mo ṣe fún ìdánrawò:

Owó ọjà tí ṣọ́ọ̀bù kan tà (ní ẹgbẹ̀rún náírà)

| Ọjà | 2021 | 2022 | 2023* |
|---|---|---|---|
| Gàrí | 400 | 500 | 600 |
| Ẹ̀wà | 250 | 300 | 450 |
| Epo pupa | 350 | 400 | 450 |
| Àpapọ̀ | 1,000 | 1,200 | 1,500 |

*Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹsàn-án nìkan

Ìbéèrè: Ní 2023, èló ni ṣọ́ọ̀bù yìí ń pa lórí ẹ̀wà lóṣù kan, tá a bá pín in dọ́gba?
A. ₦50  B. ₦37,500  C. ₦50,000  D. ₦450,000

Ẹni tí kò ka àkọlé á pín 450 sí ọ̀nà 9, á rí 50, á mú A. Ẹni tó ka àkọlé àmọ́ tí kò rí ìràwọ̀ kékeré tó wà lára 2023 á pín 450,000 sí oṣù 12, á bá ₦37,500 ní B. Àwọn méjèèjì mọ ìṣirò dáadáa. C ni ìdáhùn. Kí ẹ tó ka ìbéèrè pàápàá, ẹ ka àkọlé, ohun tí wọ́n fi wọn nọ́ńbà, orí òpó kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n kọ ní lẹ́tà wínníwínní sísàlẹ̀. Ẹ má tíì ka nọ́ńbà inú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ọmọ_Òṣogbo

Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Èmi á fi kún un pé kéèyàn fọwọ́ bo ìdáhùn pátápátá, kó má wò ó rárá títí tó máa fi ṣe ìṣirò tán. Nínú tébù yín yìí, tí wọ́n bá bi wá bóyá ìpín ẹ̀wà nínú àpapọ̀ pọ̀ sí i láti 2021 dé 2023, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó wá di 30. Ó fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ó parí.

Ìyá_Àlàbá

Kò tíì parí o. Láti 25 bọ́ sí 30, àlàfo 5 ló wà láàárín wọn lóòótọ́, àmọ́ 5 yẹn jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti 25 tá a ti bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀wà fúnra rẹ̀ sì kúrò ní 250 di 450, ìyẹn fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Tí 5, 20 àti 80 bá wà nínú ìdáhùn tí wọ́n tò, gbogbo wọn ló máa tọ́ lójú ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ìpín ni àbí owó? Àlàfo ni àbí ìdàgbàsókè? Kí o kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kí o tó ṣí ìdáhùn.

Lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ bíbò, mi ò fara mọ́ ọn tán. Tí o bá ti mọ ohun tí o fẹ́ ṣírò, ṣí i wò kí o tó ṣírò rẹ̀. Tó bá jẹ́ 12, 31, 58 àti 77 ni wọ́n tò, fojú bù ú, kí o sì lọ. Tó bá jẹ́ 31.2 àti 31.8 ló wà níbẹ̀, àfi kí o ṣe é délẹ̀.

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ ṣeun, ma. Mo gbà fún yín lórí 20 yẹn. Àmọ́ tí ìbéèrè bá kàn sọ pé “mélòó ni ìpín ẹ̀wà fi pọ̀ sí i”, tí 5 àti 20 sì wà níbẹ̀, èwo la máa mú?

Ìyá_Àlàbá

Ìbéèrè tí wọn kò gbé kalẹ̀ dáadáa nìyẹn. Èmi á mú 5 nítorí ìpín ni wọ́n dárúkọ, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹni tó mú 20 jà.

Tọ́lá_nílẹ̀_òkèèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti IELTS lẹ ń sọ? Èyí tí wọ́n á gbé gíráàfù fún wa pé ká kọ ọ̀rọ̀ 150 lé e lórí? Mi ò rí ìdáhùn kankan tí mo lè fọwọ́ bò níbẹ̀.

Olùkọ́_Ìṣirò

Rárá o, Tọ́lá, ìyẹn yàtọ̀. Èyí tí a ń sọ ní ìdáhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n ti tò. Àmọ́ kíka àkọlé àti ohun tí wọ́n fi wọn nọ́ńbà ṣì kàn ọ́. Tí wọ́n bá kọ “ní mílíọ̀nù” tí o sì kọ “ènìyàn 45”, aṣàyẹ̀wò á rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́_UTME

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, nínú UTME, ìbéèrè 180 la máa ń dáhùn ní wákàtí méjì. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí àkọlé, kí ló ṣẹ́kù? Ìbéèrè ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, màá wá lọ taara sí ibi tó kàn mí nínú tébù.

Olùkọ́_Ìṣirò

Tó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lórí tébù, mi ò ní bá ọ jiyàn, ka ìbéèrè ṣáájú. Ohun tí mo kọ̀ ni kíka ìdáhùn ṣáájú. Àmọ́ tí ìbéèrè mẹ́ta bá wà lórí tébù kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ti pín sí márùn-ún márùn-ún. Ibi tó kàn ọ́ sì lè má fi ìràwọ̀ hàn ọ́, torí ìsàlẹ̀ ni àlàyé rẹ̀ wà.

Ayàwòrán_Dátà

Tébù nìkan lẹ ń sọ. Ti gíráàfù burú jù, torí ojú ti dájọ́ kí èèyàn tó kà á. Ẹ wo ibi tí ìlà òró ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní láti 80 ló ti bẹ̀rẹ̀, tí òpó kan dé 90, tí èkejì dé 100. Òpó kejì á ga ní ìlọ́po méjì lójú, torí 10 àti 20 lojú ń rí lókè 80. Bí “ìlọ́po méjì” bá wà nínú ìdáhùn, ó ti mú yín nìyẹn. Díẹ̀ ló fi ju ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ẹ fi ìka tẹ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó wo òpó kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́_UTME

Èyí yé mi. Tí ìlà òró bá wá jẹ́ méjì ńkọ́, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún?

Ayàwòrán_Dátà

Wá àkójọ àmì tó ń sọ ìlà tó jẹ́ ti òsì àti èyí tó jẹ́ ti ọ̀tún, kí o sì kọ “Ò” tàbí “Ọ̀” sínú bébà rẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìlà méjèèjì ti kọjá lórí ara wọn kò túmọ̀ sí pé iye wọn dọ́gba. Bí ìbéèrè bá ní “ọdún wo ni wọ́n dọ́gba”, ka iye òsì, ka iye ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni kí o wá wo àwọn ọdún tí wọ́n tò.