Adójútòfò ọ̀gbìn ni, àbí adójútòfò ọ̀dá?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìwé pélébé olójú ewé kan lórí adójútòfò fún àwọn tí oko wọn kò tóbi. Òjò ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà máa ń wọ̀n kó tó sanwó. Ṣé "adójútòfò ọ̀gbìn" tó láti pè é?

Atúmọ̀-èdè: Kò tó. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé bí irè òun bá ṣòfò, wọn á wá wò ó lóko, wọn á sì sanwó. Nínú irú èyí, kò sẹ́ni tó ń dé oko rárá. Iye òjò tí sátẹ́láìtì tàbí ibùdó ojú-ọjọ́ kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí kòkòrò bá jẹ àgbàdo tán tí òjò sì rọ̀ dáadáa, kò sówó. "Adójútòfò ọ̀dá" ni mo fara mọ́.

Olùkọ́ èdè: Kí ló dé tí a ò kúkú pè é ní àjọ àgbẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dáwó jọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ló ń gbà á.

Òṣìṣẹ́ adójútòfò: Ti ìdáwójọ yẹn rí bẹ́ẹ̀, olùkọ́ wa. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá dá àjọ ló máa kó owó rẹ̀. Níbí, bí òjò bá dára, owó tí àgbẹ̀ san ti lọ nìyẹn. Ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí, torí náà ẹ fi í ṣe gbólóhùn kìíní nínú ìwé náà.

Ẹ wá fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tẹ̀ lé e. Ká ní àdéhùn sọ pé bí òjò oṣù tí àgbàdo ń yọ òdòdó bá tó mìlímítà 100, kò sówó; bí kò bá ju 40 lọ, odidi owó ni. Láàárín méjèèjì, bí òjò bá ṣe ń dín ni owó ń pọ̀ sí i. Òjò 70 fi 30 dín sí 100, 30 sì jẹ́ ìdajì 60 tó wà láàárín 40 sí 100. Ìdajì owó ni àgbẹ̀ máa gbà.

Àgbẹ̀ kan: Omíyalé ló gbé oko tèmi lọ ní tèmi o. Ṣé wọ́n máa sanwó?

Òṣìṣẹ́ adójútòfò: Àyàfi tí àdéhùn yín bá dárúkọ òjò àpọ̀jù, ẹ̀gbọ́n. Ti ọ̀dá nìkan kò kan ìyẹn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀: "Ọ̀dá" ṣì ń kọ mí lóminú. Òjò lè rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kó má kan oko mi. Bí ewé bá ti gbẹ, ọ̀dá ni èmi máa pè é, ilé-iṣẹ́ á ní kò sí ọ̀dá. Ṣé ẹ ò rí i pé "adójútòfò òjò wíwọ̀n" ló sọ òótọ́ jù?

Atúmọ̀-èdè: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu kò lè tètè mú un. Ẹ fún àwọn àgbẹ̀ bíi mélòó kan ní ìwé náà kà pẹ̀lú orúkọ méjèèjì, kí ẹ wá bi wọ́n: bí òjò bá jẹ́ 85, èló ló máa wá? Orúkọ tí àwọn tó dáhùn pé ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà bá kà ni kí ẹ mú.