Èwo ni H tó yẹ ká fi sínú ìdọ́gba Heisenberg?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ṣágámù ni mo ti ń kọ èyí. Èmi àti àbúrò mi tó ń kọ́ físíìsì ní Àgọ́ Ìwòyè kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i.

Lọ́nà tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, ipò |ψ⟩ ló ń yí padà, ópérétọ̀ dúró. Ní ti Heisenberg, ipò dúró, A_H = U†AU ló ń yí:

dA_H/dt = (i/ħ)[H_H, A_H] + (∂A/∂t)_H

Àpẹẹrẹ wa ni nǹkan orí sípíríìnì tí ipá F(t) ń tì láti ìta:

H = p²/2m + mω²x²/2 − F(t)x

Mo lo H tí x àti p inú rẹ̀ jẹ́ ti àkókò t. [x_H(t), p_H(t)] ṣì jẹ́ iħ, nítorí náà mo rí dx/dt = p/m àti dp/dt = −mω²x + F(t), bí ti Newton gẹ́lẹ́. Àbúrò mi ní x àti p ti àkókò 0 ló yẹ kó wà nínú H. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tí F kò bá yí padà, torí H_H = H nígbà náà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, H(t₁)H(t₂) kò bá H(t₂)H(t₁) dọ́gba, U kì í sì ṣe e^(−iHt/ħ) mọ́. Ṣé mo tọ̀nà?

Ìkejì ló rú mi lójú jù. Fún H fúnra rẹ̀, kọmutétọ̀ di òdo, ó ku dH/dt = −F′(t)x. Fún H₀, ìyẹn H láìsí −F(t)x, mo rí F(t)p/m. Èwo nínú méjèèjì ni agbára tó ń wọ inú sípíríìnì? Ti H₀ ni mo rò, torí ó jọ ipá lọ́nà eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò hàn wá.