Ta ló ń nìkan gbé nínú agbo ilé? Lórí "ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé"

Atúmọ̀-ìwé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé ìtàn Yúróòpù ayé àtijọ́ ni mò ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ girama. Mo pe àwọn ọkùnrin Kristẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti fi gbogbo ayé wọn sin Ọlọ́run, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìwé ìlànà tí Bẹnẹdíìkì ará Ítálì kọ, ní "ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé", mo sì pe ibùgbé wọn ní "ilé anìkàngbé". Ṣé ó gún régé? Kí ni kí n pe olórí wọn?

Àgbà Akọ́mọlédè:

Kò gún rárá. "Nìkan" yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣí orí kìíní ìlànà náà wò. Oríṣi mẹ́rin ni Bẹnẹdíìkì pín àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ sí. Àwọn kan ń jọ gbé inú ilé kan lábẹ́ ìlànà àti olórí. Àwọn kan ti pẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ dá gbé ní aginjù. Àwọn kan ń ṣe bó ṣe wù wọ́n láìní ìlànà kankan. Àwọn tó kù ni alárìnkiri tó ń sùn sí ilé onílé fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n á tún kọjá sí òmíràn. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó ní ti àwọn àkọ́kọ́ ni òun fẹ́ là sílẹ̀. Àwọn tó ń jọ gbé gan-an lẹ wá fi "nìkan" sọ lórúkọ!

Iyàrá kan náà ni wọ́n ń sùn bí àyè bá gbà wọ́n, fìtílà á sì máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n jọ ń jẹun ni, ẹnì kan á máa kàwé sí wọn létí, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ gbin. Orí 33 ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ní ohunkóhun ní tirẹ̀, ì báà ṣe ìwé, ì báà ṣe kálámù. Ṣé ẹ kò gbọ́ "ànìkànjọpọ́n" nínú "anìkàngbé" yín ni? Bí ọmọ Yorùbá bá ti gbọ́ "ànìkàn", ahun ló máa ń wá sí i lọ́kàn. "Ajùmọ̀gbé" ni kí ẹ kọ.

Ọmọ Ìbàdàn l'Ọ́yìnbó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí gbogbo Yúróòpù ti mú orúkọ àwọn èèyàn wọ̀nyí, "ẹni tó dá wà" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹnẹdíìkì fúnra rẹ̀ sì gbé inú ihò àpáta ní Subiákò ní Ítálì fún ọdún mẹ́ta kó tó di pé àwọn èèyàn ń tọ̀ ọ́ wá. "Anìkàngbé" kò ṣìnà nígbà náà. Ṣebí gbólóhùn tó ṣí ìlànà náà ni "gbàdúrà, kí o sì ṣiṣẹ́"? Ẹni tó ń gbàdúrà, òun nìkan ló ń dúró níwájú Ọlọ́run. Ajẹ̀jẹ̀ anìkàngbé ló dára jù.

Ìyá Olùkọ́:

Ọmọ mi, ṣọ́ra fún àmì ohùn. "Ajẹ̀jẹ̀" tí o kọ yẹn, ẹni tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ni! Ẹ̀jẹ́ ni wọ́n jẹ́, wọn kò jẹ ẹ̀jẹ̀. Bàbá mi ìbá ti gba gègé lọ́wọ́ rẹ. Láyé tiwọn, bí o bá gbé ohùn ọ̀rọ̀ kan síbi tí kò yẹ, ìwọ lo máa dúró kọ ọ́ sójú pátákó títí tí ṣọ́ọ̀kì á fi tán.

Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín: ta ló gbé ohùn ìsàlẹ̀ sórí "-kàn"? "Nìkan" ni mo mọ̀. "Anìkangbé" ló yẹ kó jẹ́.

Àgbà Akọ́mọlédè:

Mà, "ànìkànjọpọ́n" ni ẹ fi wò ó. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìyá Olùkọ́:

Ọ̀tọ̀ ni ti ànìkànjọpọ́n. N kò gbà.

Àkànjí Elépo:

Ẹ kúkú pè wọ́n ní àpọ́n. Ṣé torí pé wọn kò láya lẹ fi ń wá orúkọ? Ẹ̀gbọ́n mi kan kò fẹ́yàwó títí ó fi pé ọgọ́ta ọdún. Àpọ́n là ń pè é ládùúgbò, kò sì bá wa jà.

Àgbà Akọ́mọlédè:

Arákùnrin, àìláya kọ́ la ń sọ. Àpọ́n lè ní mọ́tò, ó lè kólé. Àwọn wọ̀nyí kò ní nǹkan kan.

Ọmọ Ìbàdàn, òótọ́ ni ti ihò Subiákò, òótọ́ sì ni ti ọ̀rọ̀ Gíríìkì. Ṣùgbọ́n "gbàdúrà, kí o sì ṣiṣẹ́" kò sí nínú ìlànà náà, láti ọ̀rọ̀ ìṣáájú títí dé orí 73. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló ké iṣẹ́ rẹ̀ kúrú bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà ní orí 48 ni pé ìmẹ́lẹ́ ni ọ̀tá ọkàn, ìdí nìyẹn tó fi pín ọjọ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á ṣiṣẹ́ ní kùtùkùtù, wọ́n á kàwé títí di ọ̀sán gangan, wọ́n á jẹun, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí àwẹ̀ Lẹ́ńtì bá bẹ̀rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba ìwé kan tí á kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àgbà kan tàbí méjì á sì máa lọ káàkiri láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ dípò kó kàwé. Ìwé ni wọ́n kà mọ́ "iṣẹ́", ẹ má fi "iṣẹ́" túmọ̀ oko nìkan.

Ní ti olórí wọn, "baálé" ni mo fara mọ́. Orúkọ olórí náà ti inú "baba" wá ní èdè Árámáíkì, baba ilé sì ni baálé. Ẹ tún wo orí 63. Ọjọ́ tí èèyàn wọlé ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tó dé ní wákàtí kejì ọjọ́, àbúrò ni fún ẹni tó dé ní wákàtí kìíní, ì báà ṣe arúgbó, ì báà ṣe ọmọ ọba nílùú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pe ẹlòmíràn lórúkọ lásán. Àgbà á pe ọmọdé ní arákùnrin, ọmọdé á fi orúkọ ọ̀wọ̀ pe àgbà bí ẹni ń pe baba. Bí àbúrò bá jókòó tí ẹ̀gbọ́n ń kọjá, á dìde. Ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ì báà kéré lọ́jọ́ orí: ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nínú agbo ilé? "Agbo ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́" nìyẹn. Kí la tún ń wá kiri?

Ìyá Olùkọ́:

Agbo ilé dùn mọ́ mi, baálé kò dùn mọ́ mi. Tani ó ń dìbò yan baálé? Ẹni tó dàgbà jù nílé ló ń jẹ ẹ́. Orí 64 tẹ́ ẹ kò mẹ́nu bà sọ pé àwọn ará ilé ló ń yan tiwọn nítorí ìwà àti ọgbọ́n, kódà bó bá jẹ́ ẹni tó wọlé kẹ́yìn pátápátá.

Àgbà Akọ́mọlédè:

Ẹ mú mi níbẹ̀ o, mà. Ṣùgbọ́n "olórí" lásán kò ní baba nínú, n kò lè fọwọ́ sí i.

Ọmọ Onílù:

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí Atúmọ̀-ìwé lò nínú orí tó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní "awọ tí wọ́n fi ń ṣe bàtà" ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Rárá o. Inú ilé tí wọ́n ti ń kan ìlù ni wọ́n bí mi sí. Awọ bàtà, wọ́n ń fi èèpo igi sè é kó lè rọ̀. Awọ ìlù, wọ́n ń fà á le ni, wọ́n á fá a, á gbẹ níbi tó ti le. Bí awọ ìwé náà ṣe rí nìyẹn: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi ẹfun kí irun rẹ̀ lè ṣí, wọ́n á nà án sára férémù, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ tó tẹ̀ kọrọdọ fá a bó ti ń gbẹ. Bí ọ̀bẹ bá gé e díẹ̀, ojú ibẹ̀ á là bó bá ti ń fà. Ẹ máa rí ihò roboto nínú ìwé wọn, tí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ yí i ká. Apá ibi tí irun wà máa ń pọ́n díẹ̀, èèyàn á rí ojú irun tó-tò-tó lórí rẹ̀. Apá ẹran funfun jù ú lọ. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí ojú irun kọjú sí ojú irun, kí ojú ìwé méjèèjì lè bára mu.

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Ní agbo ilé Wíímọ́ọ̀tì àti Járò ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kẹ́ólífírì tó jẹ́ olórí ibẹ̀ ní kí wọ́n da odindi Bíbélì mẹ́ta kọ. Ní 716 ó gbé ọ̀kan nínú wọn lọ sí Róòmù láti fi ta Póòpù lọ́rẹ. Ó kú lọ́nà ní Lángì ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ìwé náà wà ní Fúlọ́ráńsì ní Ítálì títí dòní. Ewé rẹ̀ lé ní 1,000, awọ ọmọ màlúù kan kò sì ju ewé méjì lọ. Ọmọ màlúù tó lé ní 500 nìyẹn fún ẹyọ Bíbélì kan. Ẹni tí kò ní pápá ẹran kò lè ní ilé ìkówèésí. Torí náà, ẹ kọ "ìwé awọ fífá", ẹ má kọ "awọ bàtà".

Àkànjí Elépo:

Wọ́n kàn pa ọmọ màlúù tó tó báyẹn torí ìwé?

Ọmọ Onílù:

Wọ́n jẹ ẹran rẹ̀ tàbí wọ́n fún àwọn èèyàn oko. Awọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Ọmọ Ìbàdàn l'Ọ́yìnbó:

Mo gba ìbáwí lórí àmì ohùn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa pe oko àwọn Sistẹ́síà, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Bẹnẹdíìkì tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ ní Sítò ní ilẹ̀ Faransé ní 1098? Ìwé náà kàn pè é ní "oko".

Àgbà Akọ́mọlédè:

"Ahéré" ni. Òfin wọn ní kò gbọdọ̀ jìn ju ìrìn ọjọ́ kan lọ sí agbo ilé. Àwọn arákùnrin onírùngbọ̀n tí kò kàwé ló ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń ro oko, tí wọ́n ń da àgùntàn. Wọ́n á padà wálé fún ọjọ́ Ìsinmi àti àjọ̀dún. Bí bàbá bàbá mi ṣe ń ṣe láti ahéré rẹ̀ nìyẹn, àyàfi pé òun lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílé. Àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ̀tọ́ láti yan olórí, ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sọ ọ́: "ará ahéré" yàtọ̀ sí "ará agbo ilé".

Ìyá Olùkọ́:

Ahéré dára. Ṣùgbọ́n "adènà" tí Atúmọ̀-ìwé pe ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó dènà kì í jẹ́ kéèyàn kọjá. Orí 66 ní kí wọ́n fi àgbàlagbà ọlọ́gbọ́n síbẹ̀, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó máa rìn káàkiri. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, tàbí tí tálákà bá ké láti ìta, èsì tó máa kọ́kọ́ fọ̀ ni "ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run". Ọpẹ́ ló ń dú, nítorí pé àlejò dé! Orí 53 ní kí wọ́n ṣe ìtọ́jú tálákà àti arìnrìn-àjò ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí olówó, ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Aṣọ tí wọ́n bá pààrọ̀, tálákà ni wọ́n ń kó o pamọ́ fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ pè ní adènà? "Agbàlejò" ni.

Ọmọ Onílù:

Adènà wà nínú Bíbélì wa láti ọjọ́ pípẹ́, mà.

Ìyá Olùkọ́:

Pé ó pẹ́ kò ní kó má ṣìnà.

Atúmọ̀-ìwé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yọ "anìkàngbé" kúrò, àyàfi níbi tó ti kan àwọn ará aginjù. "Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ajùmọ̀gbé", "agbo ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́", "ahéré" àti "ìwé awọ fífá" ti wọlé. Fún olórí, mo ṣì kọ "baálé" pẹ̀lú àlàyé pé wọ́n ń yàn án ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí i. Ní ti ẹni ẹnu ọ̀nà, mo fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Ọjọ́ Ẹtì ni olóòtú máa gba iṣẹ́ náà, torí náà ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò dènà, tí kò sì fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó di ìgbà yẹn.